Ọjọ́ Mélòó Ló Wà Láàárín Wọn? Ẹ Yọ Ọ̀kan Kúrò Nínú Èkejì

Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ọjọ́ tí Nàìjíríà gba òmìnira, ọjọ́ kìíní Ọkitóbà 1960, àti ọjọ́ kìíní Jánúárì 2000? Ẹni tó bá fẹ́ fi kàlẹ́ńdà kà á yóò jókòó pẹ́. Oṣù kan ní ọjọ́ 30, òmíràn ní 31, Fẹ́búárì sì máa ń gba ọjọ́ kan lé ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kì í bá oṣù àti ọdún fà á nínú irú ìṣírò yìí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó ń fi ẹyọ kan lé sí i lójoojúmọ́, tí kì í sì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀ bí oṣù tàbí ọdún bá parí. Nọ́ńbà ọjọ́ Júlíánì ni wọ́n ń pè é. Ti ọjọ́ òmìnira jẹ́ 2437209, ti ọjọ́ kìíní ọdún 2000 jẹ́ 2451545. Ẹ yọ ti ìṣáájú kúrò nínú ti ìkẹyìn, ó ku 14336. Ó parí.

Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Joseph Scaliger, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún 1583. Ó mú àyípo mẹ́ta tí wọ́n fi ń ka ọdún ní Yúróòpù: ti ọdún 28 tí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ fi ń padà bá déètì rẹ̀, ti ọdún 19 tí òṣùpá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti ti ọdún 15 tí àwọn ará Róòmù fi ń ṣètò owó orí. Ó kà wọ́n sẹ́yìn títí ó fi kan ọdún tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ bẹ̀rẹ̀, ọdún 4713 ṣáájú ìbí Kristi. Ọdún ni Scaliger ń kà ní tirẹ̀. John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un lò fún kíka ọjọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1849.

Báwo wá ni a ṣe ń rí nọ́ńbà náà? Fẹ́búárì ló ń da ìṣírò rú, nítorí náà a ó jẹ́ kí ọdún bẹ̀rẹ̀ ní Máàsì, kí ọjọ́ àlékún lè bọ́ sí ìparí ọdún. Máàsì jẹ́ 0, Épírì jẹ́ 1, títí dé Jánúárì tó jẹ́ 10 àti Fẹ́búárì tó jẹ́ 11. Àwọn méjèèjì yìí yóò wà lábẹ́ ọdún tó ṣáájú. A ó fi 4800 kún ọdún, kí ayé àtijọ́ má baà gbé wa lọ sísàlẹ̀ òdo. Nínú ìlànà yìí, d ni ọjọ́, m ni oṣù, y ni ọdún, àmì // sì ní kí a pín, kí a ju àṣẹ́kù nù:

```
d + (153*m + 2)//5 + 365*y + y//4 - y//100 + y//400 - 32045
```

Fún ọjọ́ òmìnira, d jẹ́ 1, m jẹ́ 7, y jẹ́ 6760. Apá ti oṣù fún wa ní 214, iye ọjọ́ gan-an tó wà láti ọjọ́ kìíní Máàsì sí ọjọ́ kìíní Ọkitóbà. Ọdún 6760 ní ọ̀nà 365 jẹ́ 2467400, àwọn ọjọ́ àlékún Fẹ́búárì sì jẹ́ 1639. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2469254. Bí a bá yọ 32045 kúrò, a dé 2437209.

Ẹ pín nọ́ńbà náà sí ọ̀nà méje. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ọjọ́ Ajé ni. Tiwa ṣẹ́ ku 5, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn, ọjọ́ náà sì ni òmìnira bọ́ sí lóòótọ́. Bákan náà ló rí fún ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, tí ọjọ́ mẹ́rin wà láàárín ìná kan sí èkejì. Ìdá mẹ́rin 14336 jẹ́ 3584, kò ṣẹ́ kù rárá. Nítorí náà, ọjà tí wọ́n ná lọ́jọ́ òmìnira, tí ètò rẹ̀ kò sì yẹ̀, wọ́n ná an lọ́jọ́ kìíní ọdún 2000.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti wúlò jù ni ibi tí kàlẹ́ńdà méjì ti ta ko ara wọn. Galileo kú ní Ítálì lọ́jọ́ 8 Jánúárì 1642. Wọ́n bí Isaac Newton ní Ìlú Ọba lọ́jọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà 1642. Lójú ìwé, ọjọ́ 351 ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n Ítálì ti gba kàlẹ́ńdà tuntun ti Póòpù Gírégórì láti 1582, nígbà tí Ìlú Ọba di ti àtijọ́ mú títí di 1752. Fún déètì kàlẹ́ńdà àtijọ́, a ó fa y//100 àti y//400 yọ nínú ìlànà náà, a ó sì fi 32083 dípò 32045. Newton wá jẹ́ 2321157, Galileo jẹ́ 2320796, ìyàtọ̀ wọn sì jẹ́ 361. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé fi pamọ́ fún wa.

Ohun méjì ló yẹ kí a ṣọ́ra fún. Nọ́ńbà náà ń yí ní aago méjìlá ọ̀sán ti Greenwich, kí déètì má baà yí mọ́ ẹni tó ń wo ìràwọ̀ lọ́wọ́ ní òru. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi lè kọ 2437208.5 fún òru tí ọjọ́ òmìnira bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gé ìdajì yẹn dànù ti bọ́ sí ọjọ́ kan sẹ́yìn, àṣẹ́kù méje rẹ̀ yóò sì já a: Ẹtì ni yóò bá dípò Àbámẹ́ta.

Èkejì kan àwa Yorùbá gan-an, nítorí a máa ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, tí a sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, Ajé tó tẹ̀ lé e ni a sọ ọ́. Ìyọkúrò yóò sì pe ìyẹn ní ọjọ́ 7. Ẹni tó bá fẹ́ kí iye náà bá ti ilé mu gbọ́dọ̀ fi ẹyọ kan kún un.