Ọjọ́ Tí Owó Oṣù Máa Wọlé Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Nọ́ọ̀sì tó bá ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba máa ń mọ iye fìsà, iye tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti iye tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò ikọ́ ife lórí. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi í pé ọjọ́ wo ni owó oṣù àkọ́kọ́ máa wọ akáǹtì rẹ̀, ẹ̀rín lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń pinnu iye tó gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀ kó tó gbéra.

Lọ́hùn-ún, ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó, lẹ́yìn téèyàn ti ṣiṣẹ́ tán. Èyí kì í ṣe tuntun sí wa. Ohun tó ń bá àwọn èèyàn lójijì ni pé ẹ̀ka tó ń ṣètò owó oṣù máa ń ti ìwé wọn ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, nígbà mìíràn ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá tíì wọ ìwé náà kó tó di pé wọ́n tì í, oṣù tó ń bọ̀ ni tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ọ̀sì kan tó ń dá lọ láti Ìbàdàn sí Hull, ní ìlà-oòrùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 12. Ọjọ́ 27 ni ilé ìwòsàn rẹ̀ ń sanwó, àmọ́ wọ́n ti ti ìwé oṣù Kìíní kó tó dé. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ló máa fojú kan owó. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko nìyẹn.

Ilé ìwòsàn fún un ní yàrá ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣe. Ẹ máa wo ibi tí wàhálà sá pamọ́ sí: yàrá náà parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, owó oṣù sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ká ní ó rí yàrá kan ní pọ́n-ùn 500 lóṣù, nínú ilé tí àwọn mẹ́rin jọ ń gbé, tí iná, gáàsì àti omi wà nínú owó náà. Onílé máa gba owó oṣù kan ṣáájú. Ó tún máa gba owó ìdúró tó máa dá padà nígbà tí ayálégbé bá ń kó jáde, bí nǹkan kan ò bá bàjẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 ò jẹ́ kí owó ìdúró yìí kọjá owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbi tí owó ilé kò bá ti tó pọ́n-ùn 50,000 lọ́dún, nítorí náà tirẹ̀ ò lè ju 577 lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 1,077 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì gba kọ́bọ̀.

Onílé tún lè béèrè oníduùró tó ń gbé tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Àlejò ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onílé fi máa ń sọ pé kó san oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2026 ti dí ọ̀nà yẹn: owó ilé tí onílé lè gbà ṣáájú ò gbọ́dọ̀ ju ti oṣù kan lọ. Àmọ́ oníduùró ṣì ń bẹ níbẹ̀ o. Kẹ́ ẹ ti béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn bóyá wọ́n lè kọ lẹ́tà fún onílé.

Ìyókù ò le. Tó bá ń dáná fúnra rẹ̀, pọ́n-ùn 40 lọ́sẹ̀ lè bọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méje jẹ́ 280. Ká ka bọ́ọ̀sì sí 25 lọ́sẹ̀, 175 nìyẹn. Fóònù gba 20. Ẹ̀wù òtútù, bàtà, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ìkòkò méjì gba 250, nítorí oṣù Kìíní ò mọ̀ pé àlejò lẹ. Pẹ̀lú owó ilé, ó di 1,802. Ẹ fi 200 lé e fún ohun tá ò rò tẹ́lẹ̀, ó di 2,002.

Kí ló wá dé tí àwọn tó ti lọ ń sọ pé oṣù mẹ́ta lèèyàn gbọ́dọ̀ múra fún? Ká ní ìwé àyẹ̀wò ìlera tàbí ìwé ẹ̀rí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ pẹ́ kó tó dé, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wá sún sí ọjọ́ 9 oṣù Kejì. Orúkọ rẹ̀ ò bá ìwé oṣù Kejì mọ́. Ó di ọjọ́ 27 oṣù Kẹta kó tó gbowó, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn tó gúnlẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì ò yí padà, nítorí ilé ló jókòó sí fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n oúnjẹ fi 160 lé e, fóònù fi 10, owó ilé oṣù Kẹta sì fi 500. Pọ́n-ùn 2,002 ti di 2,672, láìjẹ́ pé ó na ìnákúnàá kankan.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nílé, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìwé owó oṣù, bóyá wọ́n ń yá òṣìṣẹ́ tuntun lówó tí wọ́n á máa yọ díẹ̀díẹ̀, àti bóyá àwọn ló máa san tíkẹ́ẹ̀tì fúnra wọn tàbí ẹ̀yin lẹ máa san án kí wọ́n tó dá a padà. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì yìí. Owó tí wọ́n máa dá padà ní oṣù Kẹta, àpò yín ló ti máa jáde ní oṣù Kìíní.

Pọ́n-ùn ni kẹ́ ẹ fi ṣírò gbogbo rẹ̀, ẹ má fi náírà ṣe é. Àwọn tó ń múra ìrìn-àjò nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 rí i bí owó tó ti tó ṣe di èyí tí kò tó mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó kan ìwé fìsà pẹ̀lú. Àyàfi tí ilé iṣẹ́ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìgbọ̀wọ́ pé àwọn máa gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ náà fún oṣù àkọ́kọ́, owó tó tó pọ́n-ùn 1,270 gbọ́dọ̀ ti jókòó sí akáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ 28 léraléra. Ẹni tó fi náírà ká a mọ́ 1,270 géẹ́ lè rí i lọ́jọ́ tó kọ̀wé béèrè fìsà pé ó ti dín.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó oṣù àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Títí tó fi máa yege ìdánwò tó máa jẹ́ kó gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì, owó ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n sábà máa ń san fún un, kì í ṣe ìpele karùn-ún tó ń kà lẹ́nu. Ní 2025 sí 2026, ìpele kẹrin bẹ̀rẹ̀ láti pọ́n-ùn 27,485 lọ́dún, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 2,290 lóṣù kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní bá a ṣe sọ níṣàájú, ogún ọjọ́ ti oṣù yẹn máa dà pọ̀ mọ́ ti oṣù Kejì, á sún mọ́ 3,770.

Níbí ni fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ tuntun ti ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò bá kọ ọ́, kóòdù 0T ni wọ́n máa fún un, wọ́n á sì yọ owó orí láti orí pọ́n-ùn àkọ́kọ́ nínú 3,770 yẹn. Bẹ́ẹ̀, ìjọba ibẹ̀ kì í gba owó orí lórí 12,570 àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá pa láàárín ọdún owó orí, tó ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Wọ́n máa dá àṣejù náà padà, àmọ́ onílé ò ní dúró dè é. Bí ìwé owó oṣù bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wo kóòdù tó wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ 0T, ẹ lọ bá ẹ̀ka owó oṣù lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè tún un ṣe kó tó di pé wọ́n ti ìwé tó kàn.