Ọjọ́ ọdún kì í dúró sójú kan: Báwọn àwòrò ṣe ń fi oṣù, ọjà àti iṣu ka ọjọ́ láyé ìjọ́hun

Lọ́dún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ìsinmi fún ayẹyẹ Ìṣẹ̀ṣe. Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ni ọjọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ló bọ́ sí lọ́dún náà, ni wọ́n bá sún ìsinmi sí ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń gbé ní Ajah, tó ti gbọ́dọ̀ wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ fàkẹrẹ Lekki, ìsinmi ni tirẹ̀, kò bìkítà òrìṣà tó fà á. Àmọ́ ìbéèrè kan wà níbẹ̀ o: òrìṣà wo ló ni ogúnjọ́ oṣù kẹjọ? Kò sí òrìṣà kankan tó ni ín. Bí ọdún ṣe ń yí ni ọwọ́ òrìṣà tí ọjọ́ náà ń bọ́ sí ń yí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa kì í ṣe ọjọ́ méje, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọjọ́ Awo ni ti Ifá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjọ́ Ògún, lẹ́yìn ìyẹn ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, ọjọ́ Ọbàtálá ló sì kẹ́yìn, ká tó tún padà sí Awo. Ohun tó máa ń ru àwọn ọmọ ìsinsìnyí lójú ni pé ọrún là ń pè é, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún. Ìdí ni pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Awo, ẹ ka òní ní ọ̀kan, ọ̀la ní méjì, ọ̀túnla ní mẹ́ta. Tí ẹ bá ka ẹ̀karùn-ún, ẹ ti tún bá ọjọ́ Awo pàdé. Ìtàdógún tí wọ́n fi ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ 16 ló jẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré.

Ẹ lè bi mí pé, láìsí ìwé, láìsí kàlẹ́ńdà lára ògiri, báwo ni wọn kò ṣe ṣìrò? Ọjà ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Lẹ́bàá ọ̀sà, láti ìhà Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́ àti Ejinrin, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹja, gààrí àti aṣọ láti ọjà kan sí òmíràn. Bí ọjà ìlú kan bá jẹ́ olọ́rún-ún, tí ti ìlú kejì tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì, àwọn oníṣòwò kò lè gbàgbé, torí ẹni tó bá gbàgbé, àdánù ló máa bá padà sílé. Àwòrò tó bá ṣiyèméjì, kó kàn bi ìyá ẹlẹ́ja ni.

Oṣù ní tirẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n máa ń wò, bí wọ́n bá sì rí òṣùpá tín-ínrín níbẹ̀, oṣù ti lé nìyẹn. Láti ìgbà tí oṣù kan bá lé dé ìgbà tí òmíràn máa lé, ó máa ń tó ọjọ́ 29 tàbí 30. Ibi tí ìjà ti dé nìyẹn, nítorí mẹ́rin kò lè pín 29 tàbí 30 dọ́gba. Bí oṣù bá lé lọ́jọ́ Awo, ọjọ́ Ògún tàbí ọjọ́ Jàkúta ni èyí tó ń bọ̀ máa lé. Ká wá sọ pé àdéhùn ìlú kan ni pé ọjọ́ Awo àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oṣù bá lé ni wọn yóò bọ Ifá. Bí oṣù bá lé lọ́jọ́ Jàkúta, wọn yóò jẹ́ kí ọjọ́ Ọbàtálá kọjá, wọn yóò sì bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n lágbègbè etí òkun tiwa yìí, nínú oṣù kẹfà, ìkúukùu lè bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó ń kà bọ̀ láti oṣù tó kọjá kò nílò àríyànjiyàn: ọjọ́ kì í kọjá 30.

Wàhálà tó tóbi jù ni ti òjò. Oṣù méjìlá tí òṣùpá lé jẹ́ ọjọ́ 354, ọdún tí oòrùn ń pa jẹ́ ọjọ́ 365 àti ìdámẹ́rin. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ń dín lọ́dọọdún. Àwọn Mùsùlùmí mọ èyí dáadáa, òun ló fà á tí ààwẹ̀ fi ń bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà míì, tó sì ń bọ́ sínú òjò nígbà míì. Lọ́dún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni ààwẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, lóṣù kìn-ín-ní àti ní ìparí oṣù kejìlá. Kò bà wọ́n nínú jẹ́, bí ẹ̀sìn wọn ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi iṣu tuntun bọ Ifá kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú oṣù méjìlá láìfi nǹkan kún un, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọdún rẹ̀ ti yá ju bó ṣe yẹ lọ ní ọjọ́ 33.

Ọrún sàn díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin 91 jẹ́ ọjọ́ 364, ó kù díẹ̀ kó bá ọdún oòrùn mu. Síbẹ̀, ọjọ́ kan àti ìdámẹ́rin tó ń jò lọ́dọọdún yẹn, tó bá di ọdún 24, oṣù kan gbáko ni. Ọmọ tí wọ́n bí níjọ́ ọdún iṣu máa dàgbà, máa fẹ́yàwó, yóò wá rí i pé wọ́n fẹ́ jẹ iṣu tuntun nígbà tí iṣu ṣì wà ní wínníwínní nínú ebè.

Iṣu náà ló máa ń tú àṣírí. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Èkó láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó máa ń le gan-an lóṣù kẹfà, ó sì máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ kí àrọ̀kúrò tó dé. Àwòrò tí kò bá rí i pé iṣu ti gbó, tàbí tí òjò ò tíì tẹ̀léra dáadáa kí wọ́n gbin àgbàdo, kò ní torí ìṣirò kéde ọdún. Ó máa dúró de oṣù mìíràn. Òjò kan péré tó rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ ẹ̀tàn, ẹni tó bá sáré gbin irúgbìn sí i, oòrùn máa yan án gbẹ. Orúkọ oṣù keje lédè Yorùbá, Agẹmọ, ṣì jẹ́ ká rí i bí ọdún àwọn Ìjẹ̀bú ṣe so mọ́ àsìkò òjò. Mo gbà pé iṣu àti òjò ni ọ̀gá nínú gbogbo rẹ̀, òṣùpá kàn ń bá wọn ka ọjọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ogúnjọ́ oṣù kẹjọ wa. Ọjọ́ 365 ju 364 lọ lẹ́yọ kan, nítorí náà ọjọ́ òrìṣà máa ń sún síwájú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì bí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29. Ká kàn fi ṣàpẹẹrẹ pé Awo ni lọ́dún 2023. Lọ́dún 2024, Jàkúta ni, nítorí ọjọ́ 29 wà lóṣù kejì rẹ̀. Lọ́dún 2025, Ọbàtálá. Lọ́dún 2026, ó padà sí Awo. Lọ́dún 2027, Ògún. Lọ́dún 2028, ó fo Jàkúta, ó sì bọ́ sórí Ọbàtálá.

Fún ẹni tó fẹ́ gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti lọ bọ òrìṣà ilé, ọjọ́ 28 ni kó máa kà. Bí ọjọ́ Ajé yìí bá jẹ́ ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ máa jẹ́ ti Ọbàtálá, èyí tó tẹ̀lé e ti Jàkúta, ẹ̀kẹta ti Ògún, ẹ̀kẹrin ni Awo máa tún wọlé. Kó béèrè ọjọ́ òrìṣà lọ́wọ́ àgbà ilé lẹ́ẹ̀kan péré, kó fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì, ó ti mọ gbogbo tọdún náà.