Ipá Mẹ́ta, Ìyẹ̀ Mẹ́ta: Bí Àpáta Ṣe Ń Yẹ̀ Lábẹ́ Ilẹ̀, láti Atakora dé Ifẹ̀wàrà àti Mpape

Ìfáárà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì léraléra ní Mpape àti ní àwọn àdúgbò mìíràn ní Àbújá, bíi Maitama. Àwọn kan ní kànga ẹ̀rọ ló pọ̀ jù nílùú; àwọn mìíràn ní àwọn tó ń fọ́ òkúta ló fà á. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìwọ̀nyí: irú ìyẹ̀ wo ni àpáta lè yẹ̀, kí ló sì ń pinnu rẹ̀? Bébà yìí yóò dáhùn ìbéèrè náà fún àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́.

Ohun tí a pè ní ìyẹ̀ níhìn-ín ni ojú ibi tí àpáta ti là, tí apá kan sì ti kúrò ní ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Irú rẹ̀ mẹ́ta ni a óò gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni ìyẹ̀ asọ̀kalẹ̀, tí àwọn onímọ̀ jíọ́lọ́jì ń pè ní nọ́máàlì fọ́ọ̀tì. Èkejì ni ìyẹ̀ agòkè, ìyẹn rìfáàsì fọ́ọ̀tì. Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀ afẹ̀gbẹ́rìn, ìyẹn sítíráìkì-sílíìpù fọ́ọ̀tì.

Ipá mẹ́ta tó ń tẹ àpáta

Ẹ jẹ́ kí a wo àpáta tó wà ní kìlómítà 5 sísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìwúwo gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Bí mítà onígun mẹ́rin-mẹ́rin kan nínú àpáta bá wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 2,700, ipá òòró yìí ni:

2,700 × 10 × 5,000 = 135,000,000 pásíkà, ìyẹn mẹ́gápásíkà 135.

Ipá méjì mìíràn tún wà tó ń tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, bíi kí ọ̀kan wá láti àríwá àti gúúsù, kí èkejì sì wá láti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ní ibi tó jìn báyìí, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń tẹ̀; kò sí èyí tó ń fà. Ohun tó ń pinnu irú ìyẹ̀ ni ipò tí ipá òòró wà láàárín wọn: ṣé òun ló tóbi jù ni, àbí òun ló kéré jù, àbí òun ló wà láàárín? Yàtọ̀ sí èyí, àpáta tí kò tíì là tẹ́lẹ̀ sábà máa ń là ní nǹkan bíi dígírì 30 sí ipá tó tóbi jù. Òfin méjèèjì yìí la óò lò títí dé òpin. Àpẹẹrẹ ìṣirò lásán sì ni àwọn iye ipá ẹ̀gbẹ́ tí a óò lò.

Ìyẹ̀ asọ̀kalẹ̀

Bí ipá ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 100 àti 75, ipá òòró, 135, ló tóbi jù. Ojú ìyẹ̀ yóò wà ní dígírì 30 sí òòró, ìyẹn ni pé yóò fi nǹkan bíi dígírì 60 dagun sí ilẹ̀ títẹ́. Nítorí pé ó dagun, apá kan yóò gbé ara lé èkejì. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ọ̀pá ọṣẹ ìfọṣọ ní ìdagun, ẹ óò rí apá tó wà lókè. Nínú ìyẹ̀ yìí, apá òkè náà ló ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Irú rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Niger Delta, níbi tí iyanrìn tí odò kó wá ti wúwo, tí òkun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò ti ilẹ̀ náà padà tó. Àwọn ìyẹ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tó há epo rọ̀bì mọ́bẹ̀.

Ìyẹ̀ agòkè

Bí ipá ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 320 àti 200, ipá òòró ló kéré jù. Ipá tó tóbi jù ti wá sùn sílẹ̀, nítorí náà ojú ìyẹ̀ kò ní dagun ju nǹkan bíi dígírì 30 lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún àpáta láti sá ni òkè: apá òkè yóò gun orí apá ìsàlẹ̀, ilẹ̀ yóò sì sún kì. Òkè Atakora ní Benin àti Togo jẹ́ àpẹẹrẹ. Ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ipá ńlá láti ìlà-oòrùn ti àwọn àpáta ibẹ̀ gun orí ara wọn sí ìhà ìwọ̀-oòrùn.

Ìyẹ̀ afẹ̀gbẹ́rìn

Bí ipá ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 210 àti 100, ipá òòró wà láàárín. Ipá tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù ti sùn sílẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí ojú ìyẹ̀ fi dúró ṣánṣán bí ògiri, tí apá méjèèjì sì ń fẹ̀gbẹ́ kọjá ara wọn láìgòkè, láìsọ̀kalẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá ni ti Ifẹ̀wàrà, nítòsí Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà. Àwọn onímọ̀ jíọ́lọ́jì so ó pọ̀ mọ́ ti Zungeru ní Ìpínlẹ̀ Niger.

Bí a ṣe lè dá wọn mọ̀, àti ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ dúró lórí àpáta títẹ́, tó rí i pé okùn òkúta funfun kan já, tí apá kejì rẹ̀ sì fi mítà kan yà sí ẹ̀gbẹ́. Yóò tètè sọ pé ìyẹ̀ afẹ̀gbẹ́rìn ni. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí okùn náà bá dagun wọnú ilẹ̀, tí apá kan sọ̀kalẹ̀, tí òjò àti ọgbàrá sì ti ha ojú méjèèjì dọ́gba, okùn náà yóò dà bí ẹni pé ó fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ̀rí tó dájú jù ni àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ìfarakanra àpáta fà sára ojú ìyẹ̀. Bí wọ́n bá sùn sílẹ̀, àpáta fẹ̀gbẹ́ rìn; bí wọ́n bá dojú kọ ìsàlẹ̀, ó gòkè tàbí ó sọ̀kalẹ̀.

Ìdagun nìkan kò tó ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú. Ìyẹ̀ àtijọ́ ti di ojú àìlágbára, ipá tuntun sì lè tún un lò bí ìdagun rẹ̀ kò tilẹ̀ bá òfin dígírì 30 mu. Ìyẹ̀ kan sì lè ṣe méjì pọ̀. Ní Gaoual, ní orílẹ̀-èdè Guinea, ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983 la ilẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Fífẹ̀gbẹ́ rìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan tún sọ̀kalẹ̀ díẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ní Mpape, ìmìtìtì náà kò tóbi tó láti la ojú ilẹ̀ bíi ti Gaoual. Ohun tó lè sọ irú ìyẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì ilẹ̀, bí ó bá wà ní ibùdó púpọ̀ yí ibẹ̀ ká. Bí ìgbì àkọ́kọ́ bá ti ilẹ̀ sókè ní àwọn ibùdó tó wà lókè ibi tó yẹ̀ gan-an, ìyẹ̀ agòkè ni. Bó bá fà á sísàlẹ̀, asọ̀kalẹ̀ ni. Bí àyíká bá pín sí mẹ́rin, tí títì àti fífà ń tẹ̀lé ara wọn, ìyẹ̀ afẹ̀gbẹ́rìn ni. Ọ̀rọ̀ kànga àti fífọ́ òkúta jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó lè ta àpáta jí lásìkò kan. Ibi tí yóò yẹ̀ sí jẹ́ ọ̀rọ̀ ipá mẹ́ta tó ti ń tẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ìdáhùn ọ̀kan rọ́pò èkejì.