Kí Fáìlì Excel Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé ìwádìí kan jáde lórí gbèsè ìjọba. Wọ́n ní láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ tí gbèsè wọn kọjá 90% ohun tí wọ́n ń pèsè lọ́dún kò dàgbà rárá: ìpíndọ́gba ìdàgbàsókè wọn jẹ́ -0.1%. Àwọn olóṣèlú gbé e káàkiri. Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba fáìlì Excel wọn, ó sì rí fọ́múlà yìí nínú rẹ̀:

```
=AVERAGE(L30:L44)
```

Ìlà 49 ló yẹ kó dé. Ọsirélíà, Ọ́síríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nímákì bọ́ sílẹ̀ nínú ìṣirò. Kì í ṣe èyí nìkan ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Àwọn ọdún tí wọ́n yọ kúrò àti bí wọ́n ṣe pín ìwọ̀n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, nígbà tí Herndon àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe, 2.2% ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àṣìṣe fọ́múlà yẹn ló kan ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tuntun jù, nítorí Excel kò dá a dúró. Nọ́ńbà jáde, ó sì jọ nọ́ńbà tó dáa.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú irú fáìlì tí ọ̀gá yín máa ní kí ẹ fi ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ méjìlá ń gba àjẹmọ́nú ₦40,000 lóṣooṣù, láti C2 dé C13. Àpapọ̀ rẹ̀ wà ní C14, `=SUM(C2:C13)`, ó sì jẹ́ ₦480,000. Lóṣù yìí, òṣìṣẹ́ kan dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹ fi ìlà tuntun sókè àpapọ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti owó rẹ̀ sí i. Nígbà mìíràn Excel á fa fọ́múlà náà dé ìlà tuntun fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn kò ní fà á. Nítorí náà, ẹ dúró sórí àpapọ̀, kí ẹ tẹ `F2`. Ìlà aláwọ̀ á yí àwọn nọ́ńbà tí fọ́múlà ń kà ká. Bí ó bá dúró ní C13, ẹ fà á dé C14.

Ẹ ti fà á, síbẹ̀ ₦480,000 náà ló ń hàn, bẹ́ẹ̀ ₦520,000 ló yẹ kó jẹ́. Èyí ló léwu jù, torí iye oṣù tó kọjá gan-an ni, kò sì sẹ́ni tí yóò fura sí i. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà ni Excel kà sí ọ̀rọ̀ lásán, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tí a bá dà kọ láti inú fáìlì báńkì. `SUM` á fo irú rẹ̀ láìsọ nǹkan. Ó sábà máa ń fara ti apá òsì, pẹ̀lú àmì ewéko kékeré ní igun, àmọ́ bí ẹnì kan bá ti to òpó náà sáàárín, ojú lásán kò ní tètè rí i. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé `Sum` tó ń hàn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, nítorí òun náà ń fo ọ̀rọ̀. Ẹ kọ méjì yìí síbi tó ṣófo:

```
=COUNTA(C2:C14)
=COUNT(C2:C14)
```

Èkínní ń ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, èkejì ń ka nọ́ńbà nìkan. Bí ẹ bá rí 13 àti 12, ọ̀kan ti di ọ̀rọ̀. Ẹ wá a, ẹ tẹ àmì ìkìlọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yan `Convert to Number`. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ yín ṣe 13 lọ́nà 40,000, kí ẹ wo bóyá ó bá ti fáìlì mu.

Ó ku òpó D, níbi tí a ti ń yọ 10% nínú owó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `=C2*10%`. Ní D9, ẹnì kan ti tẹ 2500 lé fọ́múlà lórí, bóyá nítorí ìdí tó dáa lóṣù yẹn. Bí àjẹmọ́nú bá wá di ₦50,000, ti àwọn yòókù á di ₦5,000, ti ẹni yìí á dúró síbi tó wà. Ẹ yan D2 dé D14, ẹ tẹ `Ctrl+G`, lẹ́yìn náà `Special`, kí ẹ sì yan `Constants`. Excel á fi gbogbo ibi tí a ti fọwọ́ tẹ nọ́ńbà hàn. Ẹ má tètè pa á rẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àyẹ̀wò yìí kò lè sọ bóyá 10% gan-an ni òfin ilé iṣẹ́ wí. Bí ó bá yẹ kó jẹ́ 7.5%, gbogbo fọ́múlà á bára wọn mu, àpapọ̀ á pé, owó tí a yọ á sì ṣì. Lẹ́tà tí wọ́n fi pàṣẹ ìyọkúrò náà ni kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì, kí ẹ fi wé e, kí ẹ tó fi ímeèlì náà ránṣẹ́.