Ìsopọ̀ tààrà àti ìsopọ̀ nípasẹ̀ alárinà láàárín àwọn ètò kọ̀ǹpútà

Ìsopọ̀ tààrà àti ìsopọ̀ nípasẹ̀ alárinà jẹ́ ọ̀nà méjì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gbà mú kí àwọn ètò kọ̀ǹpútà wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀nà kìíní, ètò kan máa ń kàn sí òmíràn láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Nínú ọ̀nà kejì, ètò kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìròyìn rẹ̀ sọ́wọ́ alárinà kan, ibẹ̀ sì ni àwọn ètò tó nílò ìròyìn náà ti ń gbà á.

Ìsopọ̀ tààrà

Bí ètò bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ìsopọ̀ tààrà rọrùn, ó sì yá. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i ni ìṣòro rẹ̀ máa ń hàn. Bí iye ètò bá jẹ́ n, tí gbogbo wọn sì ní láti bá ara wọn sọ̀rọ̀, iye ìsopọ̀ yóò jẹ́ n(n − 1)/2. Ètò 5 nílò ìsopọ̀ 10. Ètò 10 nílò 45. Ètò 20 nílò 190. Bí a bá yí ètò kan padà, a ní láti yẹ gbogbo ìsopọ̀ tó kàn án wò.

Ìṣòro kejì ni pé ètò kan lè dá òmíràn dúró. Àpẹẹrẹ ni ti ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí oníbàárà bá ra ọjà, ètò ọjà títà ní láti sọ fún ètò ilé ìkẹ́rùsí, ètò ìṣirò owó, ètò ìfẹrùránṣẹ́ àti ètò àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin yìí bá ń ṣiṣẹ́ fún 99% àkókò, tí ìkùnà ọ̀kan kò sì kan òmíràn, nǹkan bí 96% àkókò péré ni gbogbo wọn yóò jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ètò ọjà títà bá ń dúró de èsì wọn, ìdákú ètò àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan tó láti dá ọjà títà dúró.

Ìsopọ̀ nípasẹ̀ alárinà

Àpẹẹrẹ tí a mọ̀ dáadáa ni Kafka, tí Jay Kreps, Neha Narkhede àti Jun Rao kọ́ ní ilé-iṣẹ́ LinkedIn, tí wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2011. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dátà ń gbà láti ètò kan dé òmíràn ní LinkedIn.

Kafka dà bí ìwé àkọsílẹ̀. Ìròyìn tuntun máa ń wọlé sí ìparí ìwé náà, ó sì máa ń gba nọ́ńbà tirẹ̀. Kíkà kò mú ìròyìn kúrò: ètò kọ̀ọ̀kan tó ń kà á máa ń rántí nọ́ńbà tó kà dé. Bí a kò bá yí ìṣètò rẹ̀ padà, ọjọ́ 7 ni Kafka máa ń tọ́jú ìròyìn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí a mẹ́nu bà, ètò ọjà títà yóò kọ ìròyìn kan ṣoṣo pé a ti ta ọjà, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ètò àtẹ̀jíṣẹ́ bá dákú fún wákàtí méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kà dé nígbà tó bá padà. Bí a bá fẹ́ fi ètò karùn-ún kún un, kò sí ohun tí a ó yí padà nínú ètò ọjà títà.

Àwọn àléébù

Àléébù kìíní ni àtúnkà. Bí ètò ìṣirò owó bá kọ owó sílẹ̀, tó sì dákú kí ó tó fi hàn pé òun ti ka ìròyìn náà, yóò tún un kà nígbà tó bá jí, owó kan náà yóò sì di méjì nínú ìwé. Nítorí náà, ìròyìn gbọ́dọ̀ ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, kí ètò tó ń gbà á sì kọ èyí tó ti rí tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni ìfàsẹ́yìn tí kò pariwo. Ètò tó dákú kò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́, nítorí náà ó lè pẹ́ kí a tó mọ̀. Nínú Kafka, àṣẹ yìí ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 --describe --group isiro-owo
```

Òpó `LAG` nínú èsì rẹ̀ ni iye ìròyìn tí ètò náà kò tíì kà. Bí ó bá ń ga sí i láìsọ̀kalẹ̀, ètò náà kò bá iṣẹ́ mọ́. Bí èyí bá kọjá ọjọ́ tí a fi ń tọ́jú ìròyìn, àwọn kan yóò pa rẹ́ láìkà.

Ẹ̀kẹta ni pé alárinà kò fòpin sí gbígbáralé ara ẹni. Bí ètò ọjà títà bá yí orúkọ “iye” padà sí “owó” nínú ìròyìn rẹ̀, gbogbo ètò tó ń ka “iye” yóò kùnà, bí ẹni tó yí i padà kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n.

Yíyàn láàárín méjèèjì

Ìsopọ̀ tààrà yẹ níbi tí iṣẹ́ kò ti lè tẹ̀ síwájú láìsí èsì, gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè bóyá owó wà nínú àkáǹtì oníbàárà. Ìròyìn nípasẹ̀ alárinà yẹ fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán, tí ọ̀pọ̀ ètò fẹ́ gbọ́, tí kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ fèsì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lo méjèèjì pọ̀: nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìsopọ̀ tààrà ni a ó fi gba owó, ìròyìn ni a ó sì fi kéde pé a ti ta ọjà.