“Àyà mi ń já díẹ̀”: òótọ́ àbí irọ́ ni pé ó máa ń wuni?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ Pólì kan tó ń gbé ní Apẹtẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ lọ pàdé ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé orí wasáàpù nìkan ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti gẹrun, ó ti lọ aṣọ, ó ti fín lọ́fínńdà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ Máíkírà, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Mo ti ń bọ̀ o. Kí n má purọ́, àyà mi ń já díẹ̀.” Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá yọjú wo fóònù náà, ó sì figbe bọnu: “O ti bà á jẹ́! Ọkùnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀.”

Ṣé lóòótọ́ ló ti bà á jẹ́? Irọ́ pọ̀ nínú ohun tí ọ̀rẹ́ yẹn gbà gbọ́, àmọ́ òótọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ ká fojú fò.

Wọ́n ní kò tiẹ̀ sídìí láti sọ ọ́, pé ojú lọ̀rọ̀ wà: kó tó jókòó, ọmọbìnrin náà á ti rí gbogbo rẹ̀ kedere. Irọ́ ni. Lọ́dún 1998, Thomas Gilovich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ní káwọn èèyàn tọ́ ohun mímu wò. Ọ̀kan nínú rẹ̀ burú lẹ́nu, wọ́n sì ní kí wọ́n má jẹ́ kó hàn lójú. Àwọn tó mu ún rò pé àwọn òǹwòran á mọ èyí tó burú, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ò mọ̀ ọ́n tó bí wọ́n ṣe rò. Nígbà tó di 2003, Gilovich àti Kenneth Savitsky gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbà pé ìbẹ̀rù òun ti hàn sí gbogbo ayé, àwọn tó ń gbọ́ ọ ò sì rí i tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n sì ti ṣàlàyé èyí fún tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tó kù lọ. Àwa la gbọ́ bí àyà wa ṣe ń lù kìkì, la bá rò pé ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì náà ń gbọ́ ọ.

Nítorí náà, bí ọmọkùnrin yìí bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin náà má mọ̀ rárá. Ohun tó máa rí ni ọkùnrin tó ń dáhùn ní ṣókí, tí kì í wojú èèyàn, tó ń yẹ fóònù wò. Ìgbéraga ló máa pè é. Ibi tí “àyà mi ń já díẹ̀” ti wúlò jù nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ ìdí tí ẹni náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti pé ọkùnrin kì í sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Láyé àtijọ́, kò tiẹ̀ ní ìdí láti sọ ọ́. Alárenà wà láàárín. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé èsì bọ̀, títí ọmọbìnrin á fi ṣíhùn. Ọkùnrin lè gbọ̀n bó bá ṣe wù ú ní yàrá rẹ̀, alárenà ò ní gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Fóònù ti gba iṣẹ́ alárenà báyìí, ó wá fi ẹni méjì tí ò mọra sílẹ̀ lójúkojú. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọ̀rẹ́ tó ń yọjú wo fóònù yẹn lalárenà òde òní. Alárenà tòótọ́ kì í pariwo.)

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín bí ohun náà ṣe rí lára ẹni tó ń sọ ọ́ àti bó ṣe rí létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Anna Bruk, Sabine Scholl àti Herbert Bless ní Yunifásítì Mannheim ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí èyí lọ́dún 2018. Wọ́n wo irú nǹkan bíi kéèyàn kọ́kọ́ sọ fún ẹnì kan pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kó gbà pé òun ṣàṣìṣe. Bí àwọn èèyàn bá fojú inú wo ara wọn nípò yẹn, wọ́n ń rí i bí àìlera. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, wọ́n ń rí i bí ìgboyà. Ìtìjú tí ọmọkùnrin wa rò pé òun ti kó bá ara òun lè má dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn rárá.

Wàyí o, òótọ́ inú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yẹn. Kì í ṣe gbogbo ìjẹ́wọ́ ló ń wuni. Lọ́dún 1966, Elliot Aronson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Minnesota gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ bó ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Nínú ọ̀kan, ó gba ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú èkejì, 30 péré. Àwọn kan sì tún gbọ́ bó ṣe da kọfí sára aṣọ rẹ̀ tuntun níkẹyìn. Kọfí yẹn jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ fẹ́ràn ẹni tó mọ̀wé, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ò mọ nǹkan túbọ̀ yẹpẹrẹ lójú wọn.

Ẹ fi èyí wo ọ̀rọ̀ tí ọmọ Pólì yẹn ì bá ti tẹ̀ ránṣẹ́: “Jọ̀ọ́ má bínú o, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, mo lè máa kólòlò, jọ̀ọ́ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé kò ní sú ẹ?” Kí ọmọbìnrin náà tó kúrò nílé, ó ti di dandan kó dárí jì í, kó tù ú nínú, kó sì ṣèlérí. Èyí tó fi ránṣẹ́ lóòótọ́ ò béèrè nǹkan kan. Ó ní òun ń bọ̀, ìyẹn ni pé ìjáyà ò dá a dúró. Ó ní “díẹ̀”. Ó sì dúró níbẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀ lákòókò tó dá, tó mọ ohun tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ọ̀rọ̀ yẹn á dùn létí. Àmọ́ bó bá tún un sọ nígbà tó jókòó, tó tún sọ ọ́ nígbà tí oúnjẹ dé, tó sì fi dágbére, ó ti di iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ọmọbìnrin náà lè fẹ́ sọ ọ́, àti pé tirẹ̀ lè yàtọ̀. Àyà ọkùnrin ń já kí wọ́n má bàa kọ̀ ọ́. Tobìnrin lè jẹ́ pé kò mọ ẹni tó ń lọ bá, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun téèyàn ń sọ torí kó lè wuni. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ló ń dà á láàmú, kó sọ ọ́ bó ṣe rí: “Ara mi ò tíì balẹ̀, ká pàdé níta lójúmọmọ, ọ̀rẹ́ mi á wà nítòsí.” Kó wá ka èsì náà dáadáa. Ọkùnrin tó bá ní “kò burú, ibo ló rọ̀ ẹ́ lọ́rùn?” ti gbọ́ ohun tó sọ. Èyí tó bá rẹ́rìn-ín, tó ní “kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù, ṣé mo jọ ẹkùn ni? Máa bọ̀ ní yàrá mi ní Awótàn”, ti gbọ́ ọ bákan náà, ohun tí òun fẹ́ ló kàn ń wá. Bó bá wá bínú pé wọ́n ní káwọn pàdé níta, kí ọmọbìnrin náà jókòó sílé. Kò tíì san owó Máíkírà.