Ìlà Díẹ̀ Lókè Sífíì Ọ̀gá Àgbà

Ká ní ọ̀gá ètò ìnáwó kan n'Ìkẹjà ń wá ipò ọ̀gá àgbà. Ó kọ ọ́ sókè sífíì rẹ̀ pé: "Òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí." Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Bí ẹrù tó ti gbé rí ṣe wúwo tó ni ìgbìmọ̀ olùdarí fẹ́ mọ̀. Ó tún un kọ:

"Mo ń darí òṣìṣẹ́ 140 ní ẹ̀ka mẹ́ta, bílíọ̀nù 6 náírà ni ìṣúná tí mò ń fọwọ́ sí lọ́dún. Ìgbìmọ̀ olùdarí gba àbá mi lórí àtúntò gbèsè, èlé tí a ń san sì fi ìdá 20 nínú 100 dín kù."

Bí iye owó bá jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́, ìdá nìkan ti tó. Ṣùgbọ́n kó má pe ìṣúná gbogbo ilé iṣẹ́ ní tirẹ̀ o; ìbéèrè kan péré níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló máa tú u fó.